Ìpẹ̀rù Tàbí Ìkẹjà: Bí Bàbá Tọ́rọ́ Ṣe Lọ Fa Ọmọ Rẹ̀ Fọ́kọ

Bí ẹ bá dé èbúté Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ní ẹ ń wá Jẹ̀lílì Ògúnsànyà, wọ́n lè máa wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Tọ́rọ́ lẹ ń wá, kíá ni wọ́n á mú yín lọ sábẹ́ páànù kan létí omi, níbi tí ẹ óò ti bá ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dojú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi dé, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Òun nìyẹn. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó kú sórí ọ̀sà tí kò lè jí dìde, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná jù ú lọ. Bí nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì kan bá fi igba náírà dín ní Ìjẹ̀bú-Òde, Jẹ̀lílì á dúró de ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Ìdí abájọ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbá Tọ́rọ́ nìyẹn, kò sì bínú sí i rárá. Àní ó máa ń fi yangàn.

Ẹ má ṣe pè é ní ahun níṣojú mi o. Ahun ni ẹni tó ní tí kì í ná. Jẹ̀lílì kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Waliyah, ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó sì ń bá omi jà láàárọ̀ lálẹ́ kò lè tọ́ ọmọbìnrin lábẹ́ páànù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Hàbíbàt, tó wà nílé ẹbí wọn ní Ìgbògbò lápá Ìkòròdú, ló wá gbé ọmọ náà. Hàbíbàt ló wẹ̀ ẹ́, òun ló dì í lórí, òun ló mú un lọ sí ilé kéwú, òun ló jókòó tì í nígbà tí ibà fẹ́ẹ̀ mú un lọ. Jẹ̀lílì ń fi owó ránṣẹ́, ó sì ń wá nígbà ọdún. Màmá ni Waliyah ń pe Hàbíbàt, Bàbá Ẹ̀pẹ́ ló sì ń pe bàbá tó bí i.

Waliyah ti wá di olùkọ́ ní Àbújá báyìí, ó ti rí ọkọ, Toheeb lorúkọ ọkùnrin náà. Ilé ìyàwó ló yẹ kí wọ́n ti so yìgì, ẹnikẹ́ni tó bá mọ àṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Toheeb ń ṣàìsàn, kò lè rìnrìn-àjò, wọ́n sì bẹ Jẹ̀lílì pé kó jọ̀wọ́ kó wá sí Àbújá, kí wọ́n so ó ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán. Jẹ̀lílì gbà. Waliyah fúnra rẹ̀ ló wá pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi, wọ́n ní ẹ lè fi ẹlòmíì ṣe aṣojú yín tí ọ̀nà bá jìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnikẹ́ni ṣe aṣojú. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó fà mí lé e lọ́wọ́. Kí Màmá sì jókòó síbi tí mo ti lè máa rí wọn. Nǹkan méjì tí mo fẹ́ nìyẹn."

"Màá wá," ni Jẹ̀lílì wí. "Àwa méjèèjì la máa wá." Ó pa fóònù, ó sì jókòó sórí ẹ́ńjìnnì tó dojú bolẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọmọ náà máa tọrọ ohun tí kì í ṣe owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Wùnmí ló máa ń bá àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì báàlù. Ọmọbìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò ju fóònù méjì, àga mẹ́ta àti fáànù kan lọ. Nígbà tí Jẹ̀lílì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Wùnmí ṣí fóònù, ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn.

"Bàbá, láti Ìkẹjà sí Àbújá láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ ni fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó tún wà láti Ìpẹ̀rù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà ni tiẹ̀."

Ojú Jẹ̀lílì là. "Ìpẹ̀rù wo? Ìpẹ̀rù Rẹ́mọ?"

"Òun náà ni, Bàbá. Ẹ́pọ́ọ̀tù wà níbẹ̀ báyìí."

Jẹ̀lílì kò nílò bébà láti ṣírò. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún lórí ẹnì kan, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lórí èèyàn méjì. Ẹ wo ẹ̀rín músẹ́. Ṣùgbọ́n Wùnmí kì í ṣe ọmọ tó máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kó má sọ òótọ́, ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Bàbá, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni owó báàlù o. Ẹ ní láti dé ẹ́pọ́ọ̀tù kí ẹ tó wọ báàlù. Láti Ẹ̀pẹ́ níbí, tí ẹ bá gba mọ́tò kan lódidi lọ sí Ìkẹjà, ó máa tó àádọ́ta ẹgbẹ̀rún, gòsílóò á sì tún jẹ àsìkò yín. Láti Ẹ̀pẹ́ sí Ìpẹ̀rù, ẹ máa gba Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà yẹn já geere, ogójì ẹgbẹ̀rún náírà ló máa gbé yín dé. Nítorí náà, fún ẹni tó bá ti Ẹ̀pẹ́ lọ, Ìpẹ̀rù dáa lọ́nà méjèèjì. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan péré ló ń lọ láti Ìpẹ̀rù láàárọ̀ yẹn. Tó bá fi yín sílẹ̀, ó di ọjọ́ mìíì. Ti Ìkẹjà ò rí bẹ́ẹ̀, bí eléyìí bá lọ, òmíì á tẹ̀ lé e. Ẹ ò ṣe kúkú lọ ní Ọjọ́bọ̀?"

"Kí a lọ sùn níbo? Nílé àna tí mi ò tíì fún lọ́mọ? Àbí ní hòtẹ́ẹ̀lì?" Ó sọ hòtẹ́ẹ̀lì bí ẹni tó ń tu nǹkan kíkorò dà nù. "Ra Ìpẹ̀rù fún wa, àwa méjèèjì."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé owó pọ́ọ́kú yìí, wọn kì í dá a padà? Tí ẹ bá sì fẹ́ yí i, ohun tí wọ́n máa gbà fẹ́ẹ̀ tó owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun."

"Rà á, ọmọ mi."

Ibi tí mo ti ń bínú sí Jẹ̀lílì rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Ọmọ ìdílé Ògúnsànyà ni. Ó mọ̀, bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, pé nínú ẹbí wọn, ẹni tó bá ń lọ fa ọmọ fọ́kọ kì í gbéra láti ibi iṣẹ́ tàbí láti ilé àyágbé. Ilé ẹbí ní Ìgbògbò ni wọ́n ti ń dìde. Wọ́n á kírun àárọ̀ níbẹ̀, àwọn àgbà á yí i ká, Ààfáà àgbà á ṣe àdúà sórí omi, yóò mu ún, kó tó jáde. Bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Hàbíbàt. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ̀lílì mọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ló jókòó sí tó fi ṣírò ọ̀nà, bí ẹni pé ìrìn-àjò náà máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Wùnmí.

Nígbà tó pe Hàbíbàt láti fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ó dáa," ni Hàbíbàt wí. "Ṣé Ọjọ́bọ̀ lo máa wá sùn níbí?"

Jẹ̀lílì fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀.

"Jẹ̀lílì, mo ní ṣé Ọjọ́bọ̀ lo máa wá. Mo ti sọ fún Ààfáà. Àwọn àgbà ti gbọ́."

"Mo ti ń rò ó pé bóyá kí ẹ̀yin wá sí Ẹ̀pẹ́, Àǹtí mi, kí á jọ gba Ìjẹ̀bú-Òde..."

"Kí n gbé àdúà ilé bàbá wa wá sí Ẹ̀pẹ́? Nínú kí ni, nínú ike?"

Jẹ̀lílì gbà láti wá, ó sì ṣí máàpù lórí fóònù rẹ̀. Láti Ìgbògbò sí Ṣágámù, níbi tí wọ́n á ti yà sí Ìpẹ̀rù, ìlà náà kúrú, ó sì lọ tààrà bí okùn tí wọ́n nà. Máàpù kò ya kòtò. Ó ṣírò: láti Ìgbògbò sí Ìpẹ̀rù, awakọ̀ á gba àádọ́ta ẹgbẹ̀rún nítorí bí ọ̀nà ṣe bàjẹ́, láti Ìgbògbò sí Ìkẹjà, ìdajì rẹ̀ ni. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, Ìpẹ̀rù ṣì fi ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin dín. Owó ṣì ń jẹ́rìí fún un. Ohun tí kò kà mọ́ ọn ni ìbẹ̀rù, nítorí pé ìbẹ̀rù kò ní iye owó lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, báàlù ló ń gbọ́.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó dé Ìgbògbò, òjò rọ̀. Ó ń gbọ́ ọ lórí páànù, ó sì ń bá a rìn lọ́kàn ní gbogbo ọ̀nà Ṣágámù. Láàárọ̀, wọ́n kírun. Ó ti sọ fún Ààfáà àgbà pé kó bá wọn yára, Ààfáà sì rẹ́rìn-ín pé àdúà kì í pẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni, kì bá tí pẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe àdúà fún òkú, wọ́n ṣe é fún alààyè, wọ́n ṣe é fún ọmọ tí Waliyah kò tíì lóyún. Jẹ̀lílì ń ṣe àmín lẹ́nu, ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri. Ó tijú ara rẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n fi gbé omi fún un, ó gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, omi náà sì fẹ́ẹ̀ pá a lórí.

Oríyọmí, awakọ̀ wọn, ti ń dúró níta. Ọkùnrin tó mọ ọ̀nà ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Hàbíbàt jókòó sẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sórí ìjókòó nítorí orúnkún tó ń dà á láàmú. Ó wọ aṣọ funfun tó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ tí Waliyah ti wọ yunifásítì. Inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ bí ọmọ náà ṣe máa ń bẹ̀rù ààrá nígbà kékeré. Jẹ̀lílì ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń wí.

Wọ́n dé Odogunyàn, wọ́n bá àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń jáde láti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀, wọ́n tò bí ẹni tó ń lọ gba oúnjẹ. Wọ́n rọra ń wọ́. Jẹ̀lílì wo aago. Àyè ṣì wà. Wọ́n kọjá Odogunyàn, ọkọ̀ sáré díẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n tó dé Ògijo, gbogbo ọkọ̀ dúró.

Oríyọmí pa ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ló kọ́kọ́ já Jẹ̀lílì láyà, nítorí pé awakọ̀ tó bá mọ̀ pé ọ̀nà máa ṣí kì í pa ẹ́ńjìnnì. Jẹ̀lílì sọ̀ kalẹ̀, ó rìn síwájú nínú ẹrọ̀fọ̀. Àjàgbé kan tó kó irin ló ti rì sínú kòtò tí òjò kún dí, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbọọrọ, ó dí ọ̀nà méjèèjì. Irin fọ́n ká. Àwọn èèyàn ń wò ó bí ẹni ń wo ìran.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Hàbíbàt bi í nígbà tó padà.

"Wọ́n ní wọ́n ti lọ wá ẹ̀rọ tó máa gbé e."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

Jẹ̀lílì fa fóònù yọ. Ó pe Wùnmí.

"Ha, Bàbá! Ìgbògbò lẹ ti gbéra? Ẹ ò sọ fún mi pé Ìgbògbò ni!" Wùnmí mí kanlẹ̀. "Tí ẹ bá ti sọ ọ́ ni, Ìkẹjà ni ǹ bá ní kí ẹ mú. Ẹ gbọ́, mo ti ṣe check-in yín lórí fóònù, ẹ ò sì ní ẹrù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn báàlù, wọ́n ti tì í nìyẹn. Ṣé ọ̀kadà wà níbẹ̀?"

Ọ̀kadà wà. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ àjàgbé náà kọjá lórí bèbè, ọ̀kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, wọ́n ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, wọ́n ń kígbe. Jẹ̀lílì wò wọ́n, ó wá wo orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Hàbíbàt náà wo orúnkún ara rẹ̀.

"Lọ," ni Hàbíbàt wí.

"Mi ò lè fi yín sílẹ̀ sójú ọ̀nà."

"Ta ló máa fà á? Èmi? Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Jẹ̀lílì, ọmọ yẹn kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ rí. Lọ."

"Àǹtí mi, ó ní kí ẹ jókòó síbi tóun ti máa rí yín."

"Mo gbọ́ ohun tó wí. Èmi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún." Ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ti yíjú sí fèrèsé. Jẹ̀lílì rí i pé ó ń sunkún, ó sì bínú sí ara rẹ̀ débi pé ó wù ú kó gbá orí mọ́ ọkọ̀.

Ó tún pe Wùnmí. "Wo Ìkẹjà fún mi. Ti ọ̀sán. Ẹnì kan."

"Ó wà, Bàbá. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ti gòkè o, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni. Ó ti ń sún mọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ó sì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dé Àbújá, wọ́n á ti kírun Jímọ̀ tán."

"Rà á."

"Bàbá, ẹ gbọ́ iye tí mo..."

"Wùnmí, mo ní rà á! Àǹtí mi ló máa wọ̀ ọ́."

Ó sọ fún Oríyọmí pé kó yí padà, kó gba Ìkòròdú kọjá lọ sí Ìkẹjà, kó má sì fi ìyá náà sílẹ̀ títí yóò fi wọ inú ẹ́pọ́ọ̀tù. Oríyọmí ní owó ọ̀nà náà ti di méjì. Jẹ̀lílì kò dúnàá dúrà. Ẹni tó bá mọ Bàbá Tọ́rọ́ á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Mi ò ní sọ gbogbo bó ṣe gun ọ̀kadà yẹn. Ẹrọ̀fọ̀ ta sí agbádá rẹ̀, fìlà rẹ̀ fò lọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró mú un. Ní Ṣágámù ó wọ takisí. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé bí báàlù náà bá fi òun sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni Waliyah yóò pàdánù lọ́jọ́ náà, ẹni tó bí i àti ẹni tó tọ́ ọ. Nígbà tó sáré wọ ilé ẹ́pọ́ọ̀tù Ìpẹ̀rù, àwọn èrò ti ń tò lọ síbi báàlù. Òun ló wọlé kẹ́yìn. Ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ti san owó rẹ̀. Ó ń wò ó títí wọ́n fi balẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Wọ́n kírun Jímọ̀ tán, àwọn tó wá fún yìgì sún mọ́ iwájú, àwọn obìnrin jókòó lápá kan. Waliyah wà láàárín wọn. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wo bàbá rẹ̀.

"Màmá dà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Jẹ̀lílì tó máa ń rí iye owó gbogbo nǹkan kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ ju òótọ́ lọ. Ó sọ fún un: Ìpẹ̀rù, Ìkẹjà, ọ̀nà Ṣágámù, orúnkún. Waliyah gbọ́ ọ. Kò pariwo. Ó kàn pa ojú dé, ó sì fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú náà, ìyẹn sì dun bàbá rẹ̀ ju kó pariwo lọ.

Alàgbà Tìrìmísíyù, àbúrò bàbá Toheeb, ló ń darí ètò níhà ọkọ. Ó mú aago rẹ̀ wò. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ìyàwó. Ìyá ọkọ ń dúró nílé, ara wọn ò dá. Lèmọ́mù náà sì ní ibi tí wọ́n ń lọ."

Lèmọ́mù jókòó, ó ka kùránì díẹ̀, ó ṣe ìwáàsù kúkúrú nípa sùúrù láàárín ọkọ àti ìyàwó. Ó wá yíjú sí Jẹ̀lílì. Ó ṣàlàyé ohun tí yóò sọ, pé òun fi ọmọ òun Waliyah fún Toheeb, lórí sàdáákì, ìyẹn owó orí ìyàwó, tí wọ́n ti fohùn sí.

Jẹ̀lílì kò sọ̀rọ̀.

Lèmọ́mù rò pé kò gbọ́, ó tún un sọ. Jẹ̀lílì nu òógùn ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti tẹ́ lójú àwọn àna. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbójú sókè, ó rí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Waliyah, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀, ó sì rántí ìjókòó inú báàlù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ó wí. "Láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, yìgì yìí ò lè so. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Lèmọ́mù wí.

"Ẹnu mi ò ní í là títí ẹ̀gbọ́n mi á fi dé. Èmi kàn bí ọmọ yìí ni, àwọn ló tọ́ ọ. Àwọn ló yẹ kí ẹ máa bi. Èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú tí mi ò ka ọ̀nà mọ́ ọn, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ láàárín ẹrọ̀fọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ̀rọ̀."

Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Alàgbà Tìrìmísíyù dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní òun ò rí irú èyí rí, kí èèyàn pe àna jọ kó wá dákẹ́ lé wọn lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí ọkọ ní ṣebí wọ́n lè pè é lórí fóònù, kó máa gbọ́. Toheeb, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, ló wo Waliyah, tó sì wá yíjú sí àbúrò bàbá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n, sà. Màmá náà ló máa ń pè mí láràárọ̀ láti bèèrè bí ara Màmá wa nílé ṣe rí."

Alàgbà Tìrìmísíyù kùn, ó sì jókòó. Lèmọ́mù ní òun á sọ fún àwọn tó ń dúró de òun pé kí wọ́n máa retí òun lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Wọ́n dúró. Ọkàn Jẹ̀lílì kò balẹ̀ rárá. Wùnmí fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé báàlù Ìkẹjà pẹ́ díẹ̀ kó tó gbéra. Lẹ́yìn náà ó ní ó ti gbéra. Lẹ́yìn náà kò sí iṣẹ́ kankan mọ́, àfi àwọn èèyàn tó ń dìde lọ, tí wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe ń wo alágídí. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ará Ìkòròdú lágídí. Wọ́n kírun Àsárì, kò sì rántí ohun tó kà nínú ìrun náà. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí òun ti fi ọwọ́ ara òun ba ọjọ́ ọmọ náà jẹ́ nígbà kejì.

Takisí kan dúró níta. Hàbíbàt fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, etí aṣọ funfun rẹ̀ ti pọ́n fún ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà Ògijo. Waliyah ti sáré jáde kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí òkúta ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó dì mọ́ ìyá náà lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì sì sunkún láìtijú ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú Hàbíbàt wọlé, wọ́n fi àga fún un nítorí orúnkún rẹ̀, ní àyè tó ṣófo yẹn.

Lèmọ́mù tún yíjú sí Jẹ̀lílì. Jẹ̀lílì kọ́kọ́ yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Jẹ̀lílì," ni Hàbíbàt wí láti ibi tó jókòó sí, "mo ti dé. Fún wọn lọ́mọ wa."

Ó fi Waliyah fún wọn.